Ajá wa fẹ́ fà mí lé aládùúgbò lọ́wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o. A ní ajá kan, Tanímọ̀la, akọ, ọmọ oṣù 14, ajá òyìnbó tó dà pọ̀ mọ́ ajá ìbílẹ̀. Ìgbà tí olè wọ ilé kẹta sí wa ni baálé mi rà á. Tílẹ̀ bá mọ́, a ó fi ṣéènì so ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, tó bá di aago 10 alẹ́ a ó tú u. Gbígbó lásán ló ń gbó tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, tẹ́nì kan bá kan géètì, á máa fò títí ṣéènì á fi fún un lọ́rùn. Láàárọ̀ yìí, ọmọ ọdún 7 tó wà nílé kejì wá mú bọ́ọ̀lù ẹ̀, ajá fi eyín ha á lẹ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yọ. Ìyá ọmọ ò kí mi mọ́. N ò fẹ́ kó di ajá ọ̀dẹ̀ náà o, torí olè la ṣe rà á.

Ṣọ́jà Fẹ̀yìntì: Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa fún un lóúnjẹ, kó má gba nǹkankan lọ́wọ́ àlejò. Ẹ máa fi ata díẹ̀ sí oúnjẹ ẹ̀, kó lè gbóná. Tó bá kùn sí ẹni tí kò yẹ, ẹ fún un ní pàṣán.

Dàpọ̀ Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ bá mi bi í: tèmi kì í gbó rárá! Oorun lásán. Ṣé ata yẹn á ṣiṣẹ́? Orúkọ ajá yín náà sì ń dẹ́rù bani, mádàámù. Àfàìmọ̀ kí aládùúgbò má rò pé òun lẹ ń bá wí.

Bàbá Alájá: Dàpọ̀, tìẹ ṣì ń bọ̀. Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ ọmọ ló ṣáájú. Ṣé wọ́n ti fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15? Ẹ gbé e lọ sọ́sibítù lónìí, bó ti wù kó kéré mọ. Àrùn dìgbòlugi ò ṣeé wò mọ́ tó bá ti hàn lára èèyàn. Ẹ wo káàdì abẹ́rẹ́ ajá, kí ẹ tì í mọ́ fún ọjọ́ 10 kí dókítà ẹranko máa wò ó. Ẹ má pa á, ẹ má tà á.

Ibi tẹ́ ẹ so ó sí ló ń bà á jẹ́. Ó ń rí gbogbo ẹni tó ń kọjá, kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn, kò sì lè sá. Ó gbó, ẹni náà kọjá lọ. Lójú tiẹ̀, òun ló lé e. Ẹ gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, sínú ọgbà onírin tí kò ti ní máa rí títì.

Ṣọ́jà, mo fara mọ́ ti oúnjẹ àlejò. Inú rírun ni ata máa fún un. Pàṣán ló léwu jù: kíkùn ni ìkìlọ̀ ajá. Èyí tẹ́ ẹ bá nà títí tí kò kùn mọ́, yóò kàn gé èèyàn jẹ lójijì ni.

Lẹ́yìn ọjọ́ 10 yẹn, ẹ tẹ́ àpò ìrẹsì síwájú ilé, kó jìnnà sí géètì. Ẹ gé ẹ̀dọ̀ sísè wẹ́wẹ́, kí ẹ fi okùn tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6 mú un. Ọjọ́ mélòó kan, kò sí àlejò: ẹ sọ pé "Àyè ẹ", ẹ mú un débẹ̀, tó bá jókòó, ẹ ju ẹ̀dọ̀ sórí àpò. Ìṣẹ́jú 5, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó mọ̀ kan géètì. Ẹ jẹ́ kó gbó bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá sọ "Ó tó" lẹ́ẹ̀kan, ẹ mú un lọ sórí àpò. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni ẹ̀dọ̀ máa jáde. Kí àlejò má tẹjú mọ́ ọn, kó má nawọ́ sí i. Tí ara ẹ̀ bá gan, tó pa ẹnu dé, tí kò gba ẹ̀dọ̀ mọ́, àlejò ti sún mọ́ jù nìyẹn. Kó padà sẹ́yìn. Tí ọmọdé bá wà nínú àgbàlá, inú ọgbà onírin yẹn ni kí ajá wà, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín.

Ìyá Ìbejì: Tí olè bá wá lóru ńkọ́? Ṣé kò ní jókòó sórí àpò?

Bàbá Alájá: Ta ni yóò sọ "Ó tó" fún olè?

Ṣọ́jà Fẹ̀yìntì: Ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Á rọlẹ̀.

Bàbá Alájá: Ó lè dín rírìn kiri kù. Àmọ́ èyí tí ìbẹ̀rù bá ń mú kó bínú, mo ti rí èyí tó rọlẹ̀, mo ti rí èyí tó le sí i. Ẹ bi dókítà ẹranko kó tó débẹ̀.

Ìyá Ìbejì *(ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)*: Ọjọ́ 10 pé, ara ajá le. Àbúrò mi ló ń bá mi kan géètì. Lọ́jọ́ kìíní mo jẹ́ kó wọlé tààrà, Tanímọ̀la tutọ́ ẹ̀dọ̀ jáde lẹ́nu. A dá a padà sí ẹ̀yìn géètì, a jẹ́ kó máa sún mọ́ wa díẹ̀díẹ̀. Lánàá ó rìn wọlé títí dé ìdí kànga, ajá gbó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ó wo ojú mi, ó lọ jókòó sórí àpò ẹ̀. Tí ọlọ́kadà bá kọjá, kò gbọ́ràn rárá ṣá. Èmi ni mo ń sanwó abẹ́rẹ́ ọmọ yẹn. Ìyá ẹ̀ ti ń dáhùn tí mo bá kí i, ṣùgbọ́n kì í dúró.