Ìyá àfẹ́sọ́nà mi ń ṣọjọ́ ìbí: ṣé HBD LLNP tó?

Arẹwà Ìlọrin: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi yóò pé ọdún 60 lọ́la. Wọn kì í lo Wasáàpù, tẹ́ẹ̀sì lásán ni wọ́n ń gbà. Mo ti tẹ "HBD ma. LLNP IJN" sílẹ̀, mi ò tíì fi ránṣẹ́. Ṣé ó bójú mu, àbí kí n fi Yorùbá kọ ọ́? Ẹ tún bá mi wo orúkọ tí mo ń pe ọmọ wọn nínú tẹ́ẹ̀sì: "oko mi" ni.

Tíṣà Ẹdẹ: Má fi ránṣẹ́. HBD LLNP dára láàárín ẹgbẹ́ ẹni, pàápàá lójú gúrúùpù tí ogójì èèyàn ti ń kí ẹnì kan láàárọ̀ kan, tí ẹni tí wọ́n ń kí ti mọ̀ pé àdúrà ẹ̀mí gígùn àti aásìkí ni lẹ́tà mẹ́rin yẹn. Àdúrà gan-an ni àgbà ń retí lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Tí o bá gé e kúrú, kí ni màmá máa ṣe àmín sí? IJN tún ńkọ́? Orúkọ Jésù ló wà níbẹ̀. Bí mùsùlùmí bá ni màmá, o ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ kó o tó wọlé wọn. Kọ gbólóhùn mẹ́ta péré, kó jẹ́ Yorùbá:

Ẹ kú ọjọ́ ìbí ma. Ẹ ó pẹ́ fún wa. Olúwa á fi àlàáfíà jíǹkí yín.

Bọ́bọ̀ Àjégúnlẹ̀: Kò burú, ṣùgbọ́n Pijin náà ní ọ̀wọ̀ tiẹ̀. Ó lè kọ "Mama happy birthday o, una go live long". "Una" yẹn ni "ẹ" tiwa, ọ̀wọ̀ ti wà nínú ẹ̀.

Tíṣà Ẹdẹ: Rárá, ẹ̀gbọ́n. Èèyàn tó ju ẹyọ kan lọ ni "una" ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe àgbà. Bí o bá kọ ọ́ sí màmá kan ṣoṣo, wọ́n á wò ó pé àwọn àti ta ni. "Mama" tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn yẹn ló gbé ọ̀wọ̀ ibẹ̀, "you" ló sì yẹ kó tẹ̀ lé e: "Mama, you go live long." Obìnrin Wárí tàbí Sápẹ́lẹ́ tó fi Pijin tọ́ ọmọ rẹ̀ á gbà á tayọ̀tayọ̀. Ìyá Ìlọrin tí kò fi Pijin bá ọ sọ̀rọ̀ rí, á máa ṣe é bíi pé o kà á kún ọ̀rẹ́ ọjà.

Bọ́bọ̀ Àjégúnlẹ̀: Mo gba ti "you" yẹn. Síbẹ̀, mo ti gbọ́ "una" lẹ́nu àwọn Yorùbá tó ń kí àgbà ní Pijin.

Tíṣà Ẹdẹ: Bẹ́ẹ̀ ni, "ẹ" ni wọ́n ń tú sí Pijin lọ́kàn. Yorùbá bíi tiwọn á gbọ́ ọ yé. Àwọn tó ni Pijin ò ní gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Oníṣẹ́ Fóònù: Ẹ rántí pé tẹ́ẹ̀sì ni, kì í ṣe Wasáàpù. Ojú ìwé tẹ́ẹ̀sì kan gba 160, lẹ́tà, àlàfo àti àmì ìdánudúró lápapọ̀. Àmọ́ bí ẹ̀yọ ẹ, ọ tàbí ṣ kan bá ti wọ inú ẹ̀, 70 ló kù. Ẹyọ kan péré ti tó láti ba gbogbo ojú ìwé jẹ́. Àmì orí náà ń ṣe é: à, è, é, ì, ò, ù wà nínú 160, ṣùgbọ́n á, í, ó, ú ò sí níbẹ̀. Tó bá ti kọjá 70, ó di ojú ìwé méjì, owó méjì nìyẹn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kó kọ ọ́ láìsí àmì: "E ku ojo ibi ma. E o pe fun wa." Màmá á kà á.

Ìyá Ìbejì: Ẹ dúró ná! Ẹ tún "E o pe fun wa" yẹn kà láìsí àmì. "Ẹ ó pẹ́" ni àdúrà. "Ẹ ò pẹ́" ńkọ́? Àmì orí "o" kan ṣoṣo ló yà wọ́n. Ta ló fẹ́ kí ìyá ọkọ kà á sódì lọ́jọ́ ìbí? Bí kò bá ní fi àmì sí i, kó kọ "E maa pe fun wa". Èèyàn ò lè ka ìyẹn sí "kò", nítorí "E o ni pe" ni òdì rẹ̀, ojú sì ti rí i pé kì í ṣe òun.

Oníṣẹ́ Fóònù: Òótọ́ lẹ sọ, ìyá. Mi ò ro ti ìyẹn.

Ọmọge Òṣogbo: Bọ́ifúrẹ́ǹdì tèmi ní tiẹ̀, "k" nìkan ló máa ń fi dá mi lóhùn. Ṣé ó bínú ni?

Bọ́bọ̀ Àjégúnlẹ̀: Bí ó bá jẹ́ pé "k" ló ń kọ sí gbogbo èèyàn, ọ̀lẹ ọwọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ pé "okay dear" ló ń kọ tẹ́lẹ̀, tó wá di "k" lánàá, lọ bá a sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jẹ́ á padà sí ti Arẹwà. "Oko mi" yẹn ò dáa. Láìsí àmì, ó lè jẹ́ ọkọ, oko tí à ń dá, ọkọ̀, ọkọ́, ó sì lè jẹ́ ẹ̀yà ara tí mi ò ní kọ síbí. Láàárín ẹ̀yin méjèèjì, ó lè mọ èyí tí o ní lọ́kàn. Àmọ́ bí àbúrò rẹ̀ bá gbé fóònù ńkọ́? "Ife mi" náà ń di kọ́ọ̀bù, ó tún lè di Ilé-Ifẹ̀. Yan orúkọ tí kò ní àmì abẹ́: "ade ori mi". Oríkì rẹ̀ tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ń jẹ́ Àkànní, tẹ "Akanni" lódindi, kò lè di nǹkan mìíràn. Kò sí "bae" tó lè mú orí ọmọkùnrin wú bí i.

Arẹwà Ìlọrin: "Olowo ori mi" ńkọ́? Òun náà ò ní àmì abẹ́.

Ìyá Ìbejì: Wọn ò tíì san owó orí rẹ, ọmọ mi. Fi pamọ́ di ọjọ́ yẹn.

Oníṣẹ́ Fóònù: Mo ti ka ti Tíṣà pẹ̀lú gbogbo àmì: 63. Àmì orí ọ́ àti ẹ́ ń gba àyè lọ́tọ̀, torí náà méjì-méjì ni mo ka àwọn yẹn. Ó wọ inú 70. Bó bá fi "Ọmọ yín ni." sí ìparí, ó di 75, ojú ìwé méjì.

Tíṣà Ẹdẹ: Yọ "ma". "Ẹ" àti "yín" ti gbé gbogbo ọ̀wọ̀ tó wà níbẹ̀, "ma" Gẹ̀ẹ́sì ni. Yọ "ni" náà.

Ìyá Ìbejì: Mi ò fara mọ́ ọn. Àwọn màmá wa lóde òní ń retí "ma" yẹn. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á ní ọmọ yìí le.

Tíṣà Ẹdẹ: Ta ló kọ́ wọn láti máa retí rẹ̀?

Arẹwà Ìlọrin: Mo ti yọ méjèèjì, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì: 69. Èyí tó wà lójú fóònù mi báyìí nìyí:

Ẹ kú ọjọ́ ìbí. Ẹ ó pẹ́ fún wa. Olúwa á fi àlàáfíà jíǹkí yín. Ọmọ yín.

Ìyá Ìbejì, tí ẹ bá ní kí n dá "ma" padà, ojú ìwé kejì ni. Mo lówó ẹ̀ lórí fóònù, ẹ kàn sọ fún mi kí ilẹ̀ tó mọ́.