Ìkéde fídíò Ojúde Ọba fáwọn ará òkè òkun: ibi tá a bá a dé

Ìbéèrè mi: "Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe máa kọ ìkéde Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì sínú fídíò ìpè Ojúde Ọba fáwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀n àti Hiúsítọ̀n, tí kò ní gùn jù?"

Ẹ ṣé o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá sí i. Fídíò ti jáde.

Ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n tó ń gé fídíò la tẹ̀ lé: ohùn Yorùbá nìkan ló ń sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì wà nísàlẹ̀ àwòrán, kò ju ìlà méjì lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ ló ṣòro jù. Tá a bá ní "ọjọ́ kẹta Iléyá", a ń ka ọjọ́ Iléyá mọ́ ọn. Ẹni tó bá wa kọ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ bí ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn Iléyá. Ẹ wo 2025: Iléyá bọ́ sí ọjọ́ Jímọ́ọ̀, 6 oṣù kẹfà, Ojúde Ọba sì jẹ́ ọjọ́ Àìkú, 8. Gẹ̀ẹ́sì yẹn ì bá gbé e lọ sí ọjọ́ Ajé. Déètì gan-an la wá kọ. Nítorí ọ̀rọ̀ òṣùpá, a gba ohùn ibẹ̀ sọ́tọ̀, ká lè pààrọ̀ rẹ̀ láìtún gbogbo ẹ̀ gbà.

Ẹni tó ní aago Lọ́ńdọ̀n fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa kò parọ́, àmọ́ ìgbà òtútù nìyẹn. Lóṣù kẹfà, ọgbọọgba ni wá. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde sì jẹ́ mẹ́rin ìdájí ní Hiúsítọ̀n. Aago ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la kọ.

Mọ̀mí tó ń béèrè káàdì ìgbéyàwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí tiyín sọ́tọ̀, a ó dáhùn. Ti àwọn ọmọdé tí kò tíì lè kàwé, bóyá kí wọ́n gbọ́ ohùn Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ ṣì ń jiyàn lé e lórí.