"Ohun-ìmọ̀-ìtòsí" kọ́ là ń pè é

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, mo fẹ́ mọ gígùn ilé kíláàsì kan ní Iléṣà láti inú àwòrán sátẹ́láìtì tí mo fi ránṣẹ́ yìí. Pápá bọ́ọ̀lù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ni mo fẹ́ fi wọn ilé náà. Mo pe pápá náà ní "ohun-ìmọ̀-ìtòsí", mo sì pe iṣẹ́ náà ní "àfojúbù". Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Ṣé ó ṣeé ṣe?

Bàbá Oníwèé: Ohun-ìmọ̀ kẹ̀! Ìmọ̀ là ń kó sórí, pápá bọ́ọ̀lù kì í gbé orí ẹnikẹ́ni. Ká ní "ohun mímọ̀" lo kọ, ìbá sàn díẹ̀, àmọ́ bí ẹnì kan bá ṣi àmì ohùn fi, ó di ohun mímọ́, a ó sì máa bọ́ bàtà ká tó wọ pápá. Àfiwọ̀n ni kí o pè é. Àfojúbù sì kọ́: ojú nìkan ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn, ìwọ yóò ṣírò. Ìdíwọ̀n ni.

Ọmọ Òṣómàáló: Òṣùwọ̀n ti wà láti ayébáyé, kí la fẹ́ fi àfiwọ̀n ṣe? Bàbá bàbá mi, bíríkìlà ni nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń wọn ìpìlẹ̀, kò sì sọ ọ́ lórúkọ rí. Àbúrò, mítà 105 ni pápá bọ́ọ̀lù. Fi pápá wé ilé, ó parí.

Awọnlẹ̀: Ẹ̀gbọ́n, apá kan òtítọ́ lẹ sọ. Fífi wé ni lóòótọ́, àmọ́ mítà 105 wo? Òfin bọ́ọ̀lù gba pápá láti mítà 90 dé 120, ti ilé ẹ̀kọ́ tilẹ̀ lè kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí pápá yẹn bá jẹ́ 90 tí a pè é ní 105, ilé tó jẹ́ mítà 60 yóò di 70 mọ́ wa lọ́wọ́. Àpótí pẹ́náritì ni òfin kò gbà kó yí: ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 40.32, ó sì wọnú pápá ní mítà 16.5.

Mo wo àwòrán náà. Ìbú àpótí gba píkísẹ́lì 84, ìyẹn àwọn ẹyọ tínńtín tó para pọ̀ di àwòrán, nítorí náà píkísẹ́lì kan jẹ́ mítà 0.48. N kò tíì gbà á. Mo wọn bó ṣe wọnú pápá, mo rí 34, ìyẹn mítà 16.3, ó sún mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ 28 ni mo rí, ẹni tó fa ìlà ló ṣe é bó ṣe wù ú nìyẹn, tàbí kí àwòrán ti fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àmọ́ bí wọ́n bá dín méjèèjì kù lọ́gbọọgba, èyí kò ní fi hàn. Ìyẹn ni mo ṣe wá àfiwọ̀n kejì, kọ̀ǹténà ẹsẹ̀ bàtà 40 tó wà lẹ́bàá títì. Mítà 12.19 ni, ó gba 25. Wọ́n bára mu.

Òrùlé ilé náà gba 130, ó jẹ́ mítà 62.4. Ṣùgbọ́n páànù là ń rí, kì í ṣe ògiri. Bí páànù bá yọ ní ìdajì mítà sí ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, ògiri sí ògiri á ku bíi 61. Àbúrò, kọ ọ́ pé láàárín mítà 60 sí 63.

Ọmọ Òṣómàáló: Ọkọ̀ ńkọ́? Kò sí ibi tí mọ́tò kò sí.

Awọnlẹ̀: Mọ́tò mítà 4.5 gba píkísẹ́lì mẹ́sàn-án péré. Ṣì í kà pẹ́lú ẹyọ kan, ilé yẹn lè di 58, ó sì lè di 73. Àfiwọ̀n kúkurú kì í bo àṣìṣe.

Ìyá Àdúgbò: Ẹ ṣé gan-an. Aládùúgbò mi ti fi ògiri rẹ̀ wọ ilẹ̀ mi, bí ìgbọ̀nwọ́ kan báyìí. Ṣé kí n tẹ àwòrán yìí jáde lọ sí kóòtù?

Awọnlẹ̀: Rárá o, ìyá mi. Ìgbọ̀nwọ́ kan kò ju píkísẹ́lì kan lọ. Ẹ pe sọ̀fẹ́yọ̀ kó wá wá òkúta ààlà yín.

Bàbá Oníwèé: Mo rí "wọn ìpìlẹ̀" lókè yìí. Ṣebí wọ̀n ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà, ohùn ìsàlẹ̀? Èdè ti bàjẹ́ pátápátá.

Awọnlẹ̀: Bàbá, bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e, ohùn rẹ̀ a gòkè sí àárín. Ẹ wo orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí.

Bàbá Oníwèé: Àwọn tó kọ́ wa kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀: Mo dúpẹ́. Mo rí ògiri apá ìlà-oòrùn ilé náà nínú àwòrán mìíràn. Ṣé ó léwu?

Awọnlẹ̀: Sátẹ́láìtì kò wò ó láti òkè gangan nìyẹn, òrùlé sì ti sún kúrò lórí ìpìlẹ̀. Wọn òrùlé dé òrùlé, má wọn etí òrùlé níhìn-ín dé ìdí ògiri lọ́hùn-ún.

Ọmọ Òṣómàáló: Òṣùwọ̀n lèmi yóò máa kọ ní tèmi.