Ṣíà já ₦20 kọjá, OBV kò tẹ̀ lé e

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà ṣíà. Ado-Ekiti ni mo ti ń kọ̀wé. Ṣíà kan tó ti ń kọlu ₦20 láti oṣù méjì parí ọjà lánàá ní ₦20.60, ṣùgbọ́n OBV rẹ̀, ìyẹn àròpọ̀ iye ṣíà tí wọ́n tà, tí a ń fi kún un lọ́jọ́ tí owó rẹ̀ bá gòkè, tí a sì ń yọ kúrò lọ́jọ́ tó bá wálẹ̀, ò tíì dé ibi tó ga dé tẹ́lẹ̀. 900,000 péré ni wọ́n tà. Ìpíndọ́gba 20 ọjọ́ jẹ́ 1,500,000.

Ọjọ́ kan ló ń dà mí láàmú. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ta 12,000,000 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bóyá ẹnì kan ló tà á fún ẹnì kan. Kọ́bọ̀ 5 péré ni iye rẹ̀ fi wálẹ̀, síbẹ̀ OBV yọ gbogbo 12,000,000 náà kúrò. Mo ṣírò rẹ̀ láìka ọjọ́ yẹn: OBV ti kọjá òkè àtijọ́ nìyẹn.

Èwo ni kí n gbà gbọ́, OBV tó ka ọjọ́ yẹn tàbí èyí tí kò kà á, nígbà tí ọjà àná fúnra rẹ̀ kéré?