“Ṣé ara yín máa ń pọ́n?”

Ìbéèrè Fúnmi: Ẹ jọ̀ọ́, mò ń túmọ̀ fọ́ọ̀mù àwọn dókítà awọ tó pín awọ èèyàn sí ọ̀nà 6. Mo kọ ọ́ pé: “Bí oòrùn bá pa yín, ṣé ara yín máa ń pọ́n?” Mo sì pe ìpín kọ̀ọ̀kan ní “ìpele awọ”. Ṣé ó yé yín?

Bàbá Kọ́lá: Kò yé mi. Ẹni tí ara rẹ̀ ń pọ́n ni ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ ń mọ́. Bẹ́ ẹ bá bi ìyá mi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, yóò búra pé òun ò bóra rí. “Ìpele” náà dà bí ẹni pé awọ kan ga ju òmíràn lọ. “Irú awọ” ló bá a mu.

Délé: Kí lẹ ń da ara yín láàmú sí? Oòrùn kì í jó àwa dúdú. Ẹ kàn kọ “irú 6” sí i fún gbogbo wa.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Délé, àwọ̀ dúdú ń dáàbò bò wá lóòótọ́, àmọ́ ó níbi tó mọ. Ní 1975 ni Thomas Fitzpatrick ní Boston ṣe ìpín yìí. Ó fẹ́ mọ iye ìtànṣán tí òun yóò kọ́kọ́ fún àwọn tó ní àrùn awọ eléèépá, tí wọ́n máa ń lo oògùn kan kí wọ́n tó bọ́ sábẹ́ iná ìtànṣán náà. Àwọ̀ irun àti ti ẹyinjú ni wọ́n fi ń díwọ̀n tẹ́lẹ̀, iná sì ń jó àwọn kan. Nígbà náà ló ní kí wọ́n bi aláìsàn léèrè ohun tí oòrùn máa ń ṣe sí i. Irú 4 ló kọ́kọ́ ṣe, gbogbo rẹ̀ fún àwọn òyìnbó. Nígbà tó yá ni wọ́n fi 5 àti 6 kún un fáwọn aláwọ̀ ilẹ̀ àti dúdú. Wọn ò bi ẹni dúdú ní nǹkan kan, wọ́n kàn wojú rẹ̀ ni. Gbogbo wa, àtadúmáadán àti ẹni tó dúdú kirikiri, wá wọnú àpò kan náà.

Ṣọlá: Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo jókòó létí òkun ní Brighton látàárọ̀ dalẹ́. Kò sí pupa kankan, ṣùgbọ́n èjìká mi gbóná, ó ń ta mí, ó sì ń yún mi. Lọ́jọ́ kẹrin awọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí bó. Dókítà tí mo rí ní oòrùn kọ́, torí pé irú 6 ni mí. Ṣé kí n máa lo ìpara ìdènà oòrùn?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Bẹ́ẹ̀ ni, Ṣọlá, máa lò ó bí o bá fẹ́ pẹ́ níta. Oòrùn ló jó ẹ. Pupa náà wà níbẹ̀, àwọ̀ rẹ ló bò ó mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dán iná wò lójú kéékèèké lẹ́yìn aláìsàn, tá a ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ láti ojú kan sí èkejì, ká tó wò ó lọ́jọ́ kejì. Lára ẹni dúdú, ojú nìkan kò tó láti fi kà á. Fúnmi, ẹ bi wọ́n bóyá ara máa ń gbóná, bóyá ó ń ta wọ́n, bóyá ó ń yún wọn, bóyá awọ ń bó.

Bàbá Kọ́lá: “Bó” tún rèé! Bóra ni wọ́n máa kà á sí. Ẹ kọ “bọ́”, bí ejò ṣe ń bọ́ awọ.

Fúnmi: Bàbá, ẹ̀rọ ilé ìwòsàn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ kì í tẹ àmì ìsàlẹ̀ jáde. Bákan náà ni méjèèjì yóò rí lórí ìwé.