Ọmú ń dùn mí, èébì ń gbé mi, síbẹ̀ kò sí oyún: ẹ sọ tiyín fún mi

Àbẹ̀ní Òṣogbo
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti àǹtí mi. Láti bí ọdún kan tí èmi àti ọkọ mi ti ń wá ọmọ, kò sí oṣù tí ara mi kì í ṣe bí ara aboyún. Ọmú mi á le, á wúwo, débi pé tí ọkọ̀ bá wọ gálọ́ọ̀pù, ọwọ́ ni mo fi ń gbé e. Èébì á máa gbé mi láàárọ̀, pàápàá tí aládùúgbò bá ń yọ́ epo pupa. Ó sì máa ń rẹ̀ mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbé orí lé tábìlì ní kíláàsì nígbà tí àwọn ọmọ bá ń kọ iṣẹ́ wọn.

Lóṣù Kẹsàn-án, nǹkan oṣù mi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 2. Nígbà tó fi di ọjọ́ 20, gbogbo rẹ̀ ti dé. Ìyá ọkọ mi rí i pé mi ò lè jẹ ẹ̀gúsí, wọ́n ti ń pè mí ní abara méjì. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá, nǹkan oṣù yọ. Ta ni irú èyí ti ṣe rí? Kí ló ń fà á?

Ìyá Tóbi
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ó ṣe èmi náà. Gbogbo ìgbà tí mo ń retí, ara mi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù tí mo wá lóyún Tóbi gan-an, n kò mọ nǹkan kan lára títí nǹkan oṣù fi kọ̀ tí kò wá. Ohun tí mo dì mú ni pé tí gbogbo ọmú bá ń dùn, nǹkan oṣù ló ń bọ̀. Tí orí ọmú nìkan bá ń ta ni, oyún ni. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún mi lórí ọmọ méjèèjì.

Bísí Abẹ́òkúta
Ẹ kú oríire, àǹtí! Ti èébì yẹn, ẹ má dìde lójijì láàárọ̀. Ẹ fi bisikíìtì gbígbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ jẹ ẹ́ kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀. Ó ràn mí lọ́wọ́ nínú oyún àkọ́bí mi.

Ìyá Tóbi
Bísí, padà lọ kà á. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dé.

Bísí Abẹ́òkúta
Háà. Ẹ forí jì mí, Àǹtí Àbẹ̀ní. Ọlọ́run á ṣe é.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí
Àbẹ̀ní, jẹ́ ká jọ ka ọjọ́ rẹ. Láti ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 2, ọjọ́ 30 ni. Ẹyin obìnrin sábà máa ń já ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 kí nǹkan oṣù tó tún dé, a jẹ́ pé tìrẹ já ní bí ọjọ́ 18. Ojú ibi tí ẹyin ti já á wá bẹ̀rẹ̀ sí í da họ́mọ́ọ̀nù kan sínú ẹ̀jẹ̀, projẹ́sítẹ́rọ́ọ̀nù lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń tẹ́ inú ilé ọmọ sílẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní de àlejò, ì báà jẹ́ pé àtọ̀ pàdé ẹyin, ì báà jẹ́ pé kò pàdé rẹ̀. Òun náà ló ń jẹ́ kí ọmú wú kó sì máa dunni, kí oorun máa kunni. Ó ń mú ìfun falẹ̀, oúnjẹ á pẹ́ nínú, inú á wú, èébì á máa gbé àwọn ẹlòmíràn. Bí oyún kò bá sí, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 2 họ́mọ́ọ̀nù náà á wálẹ̀, nǹkan oṣù á sì dé.

Wá wo ti oyún. Ká ní àtọ̀ pàdé ẹyin lọ́jọ́ 18 yẹn, ọmọ náà ṣì máa rìn kó tó lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ, ó sì máa ń tó ọjọ́ 6 sí 12. Ìyẹn gbé wa dé ọjọ́ 24 sí 30. Ìgbà tó bá lẹ̀ mọ́ ọn ni họ́mọ́ọ̀nù oyún tí ìdánwò ìtọ̀ ń wá tó máa ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Èébì oyún sì sábà máa ń dé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, tí a bá kà á láti ọjọ́ tí nǹkan oṣù ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀. Tìrẹ ì bá bọ́ sí àárín oṣù Kẹwàá. Nítorí náà, ohun tó ṣe ọ́ lọ́jọ́ 20, oyún kò tíì lè fà á.

Ìyá Tóbi, ẹ má bínú, ti orí ọmú yẹn ò ṣeé gbára lé. Mo ti rí ẹni tí ti ẹ̀ yí padà pátápátá láti oyún kan sí èkejì.

Ìdòwú Ìkòròdú
Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, ojú mi rí i. Ọ̀nà àfọwọ́ṣe tí wọ́n ń pè ní IVF ni a gbà wá ọmọ. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé ọmọ sínú mi, wọ́n fún mi ní oògùn tí mo ń kì sí ojú ara láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọmú mi wú, mo ń sùn lọ́sàn-án, mo sì ń yọ̀ lábẹ́lẹ̀. Dókítà ló wá là mí lójú pé projẹ́sítẹ́rọ́ọ̀nù gan-an ni oògùn náà, pé kí n má fi ọmú mọ nǹkan kan, kí n dúró de àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n tún ní kí n má fi ìtọ̀ dán an wò, torí pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún mi kí wọ́n tó kó ẹyin, họ́mọ́ọ̀nù oyún ló wà nínú rẹ̀, ó sì lè fa ìlà kejì títí di bí ọ̀sẹ̀ 2. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sọ pé kò sí. Mo sunkún, àmọ́ ara mi kò parọ́ fún mi, oògùn ni ó ń dáhùn.

Bàbá Ìbejì
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ìyàwó tèmi, ibà ni. Kí Àbẹ̀ní kọ́kọ́ lo oògùn ibà.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí
Òótọ́ ni pé ibà máa ń fa èébì àti rírẹ̀, bàbá, ṣùgbọ́n ibà kì í mọ ọjọ́ tí ẹyin já. Eléyìí ń wá tó sì ń lọ pẹ̀lú oṣù. Kí ó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ó tó gbé oògùn mì, torí tó bá wá lóyún, kì í ṣe gbogbo oògùn ibà ló bá aboyún mu.

Fọlákẹ́
Tèmi yàtọ̀. Nǹkan oṣù kò wá rárá, ọmú ń dùn mí, tí mo bá tẹ̀ ẹ́, omi funfun ń yọ. Gbogbo ìdánwò ìtọ̀ sọ pé kò sí oyún. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá fi hàn pé họ́mọ́ọ̀nù tó ń mú ọmú ṣe wàrà ti ga jù. Wọ́n ti yẹ kókó ọrùn mi wò, ó dára. Wọ́n ní kí n lọ ya fọ́tò orí, mi ò tíì rówó rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí
Fọlákẹ́, kó gbogbo oògùn tí o ń lò, tòun ti ti èébì àti ti inú, lọ hàn dókítà, torí àwọn kan nínú wọn máa ń gbé e sókè. Bí orí bá ń fọ́ ọ gan-an tàbí ojú rẹ kò rí ẹ̀gbẹ́ mọ́, má dúró de owó pípé.

Àbẹ̀ní Òṣogbo
Ẹ ṣeun, mà. Ìgbà wo ni kí n máa ṣe ìdánwò, nígbà náà? Kí ló dé tí ti oṣù kan fi ń le ju ti òmíràn lọ?

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí
Ọjọ́ tí nǹkan oṣù yẹ kó dé tí kò dé, ni kí o bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìtọ̀ àkọ́kọ́ àárọ̀. Kà á láàárín ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára páálí. Ìlà bàìbàì tó bá yọ lẹ́yìn náà, má kà á sí. Tí kò bá sí ìlà kejì tí nǹkan oṣù kò sì dé, tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ ikùn kan bá wá ń dùn ọ́ gan-an, tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Oyún lè wà níta ilé ọmọ.

Ti ìdí tí oṣù kan fi ń le ju òmíràn, mo ti ń gba ẹ̀bí fún ìgbà pípẹ́, n kò tíì rí ẹni tó dáhùn rẹ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ọdún kan sì ti tó kí ìwọ àti ọkọ rẹ jọ lọ rí dókítà, kí wọ́n yẹ ẹ̀yin méjèèjì wò.