Àbọ̀ lórí ikọ́ tó kù lẹ́yìn fulú

“Ibà fulú ti lọ, ṣùgbọ́n ikọ́ àti àárẹ̀ kò lọ, ṣé àìsàn náà ṣì wà lára mi ni?”

Ìbéèrè tí mo bi yín níbí nìyẹn. Ẹ ṣeun fún ìdáhùn yín, ikọ́ náà ti ń dákẹ́. Nọ́ọ̀sì tó dáhùn là á yé mi pé ibà sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ 3 sí 5, ṣùgbọ́n pé fáírọ́ọ̀sì náà ti ba awọ inú ọ̀nà èémí jẹ́, tó fi jẹ́ pé eruku tàbí èéfín lásán lè mú ni húkọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí awọ náà yóò fi san. Àárẹ̀ náà ń lọ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ bí mo bá ṣe iṣẹ́ jù lónìí, ọ̀la ni mo máa ń dùbúlẹ̀.

Ẹni tó dábàá ògùn apakòkòrò bakitéríà fún mi jàre díẹ̀, nítorí òtútù àyà tí bakitéríà ń fà lè tẹ̀lé fulú: ibà á padà lẹ́yìn tí ara ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yá, èémí á sì máa há. Èmi kò rí ìyẹn, ògùn náà kì í sì í pa fáírọ́ọ̀sì.

A kò fẹnu kò lórí ikọ́ ife. Ní Nàìjíríà, wọ́n ní kí ẹni tí ikọ́ rẹ̀ bá tó ọ̀sẹ̀ 2 lọ ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Àwọn kan ní kò pọn dandan lẹ́yìn fulú. Mo ṣe é, kò sí ikọ́ ife.